Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí Ìwé: Bí A Ṣe Ń Gba Ẹran àti Ẹja Wọlé Láìjẹ Gbèsè Ẹlòmíì

Dẹ́rẹ́bà ti to páálí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ ṣì ń dún, ó sì na ìwé àti báírò sí yín: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ibi mẹ́rin ló ṣì kù tí mo fẹ́ dé.” Ẹ ka páálí, iye rẹ̀ pé, ẹ fọwọ́ sí i. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ tú páálí edé kan, ẹ rí i pé ó ti yọ́ rí kó tó tún dì. Ẹ pe ẹni tó tà á fún yín, ó sì bi yín pé ta ló fọwọ́ sí i pé ọjà pé, ó sì dára. Ẹ ò rí nǹkan kan sọ.

Láti ìgbà tí mo ti ń gba ọjà wọlé fún ilé ìdáná, mo ti rí i pé gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé ó yẹ kí òun yẹ ọjà wò. Ètò tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ló ń bà á jẹ́. Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú, wọ́n á máa ka páálí, wọ́n á máa wá nọ́ńbà, ẹran á sì máa gbóná lọ nílẹ̀. Ohun tó ń yára yí padà ló yẹ kí ojú wa kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, kí ohun tí kò lè yí padà dúró dè wá. Nítorí náà, òtútù ara ọjà ni a ó kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ìrísí rẹ̀, lẹ́yìn náà ìwúwo rẹ̀, kí ìwé tó kàn. Ìfọwọ́sí ló gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀.

Ẹran àti ẹja ni mo máa dúró lé lórí, èyí tí wọ́n kàn mú tutù àti èyí tó dì gbagidi. Àwọn ni owó pọ̀ jù lára wọn, àwọn náà ló sì tètè ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé tí ẹ fi béèrè ọjà, tí ohun tí ẹ béèrè, iye kílò rẹ̀, bí ó ṣe tóbi tó àti iye tí ẹ jọ ṣàdéhùn wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kó wà lọ́wọ́ yín kí mọ́tò tó dé.
- Tẹmómítà tó ní irin ṣóńṣó lẹ́nu, àti òwú tí a fi sípíríìtì rẹ láti nù ún.
- Òṣùwọ̀n tó lè gbé kéréètì kan tó kún, àti òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù.
- Asẹ́ ńlá kan, àti ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn nítòsí.
- Tọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ kékeré fún páálí, báírò tó ń kọ dáadáa, ìwé àkọsílẹ̀, àti fóònù tó lè ya àwòrán.
- Àyè tó ṣófo nínú fíríìjì àti fìríìsà. Bí kò bá sí àyè, ẹran tó dé ní òtútù tó péye á gbóná níbi tí ẹ ti ń tún fìríìsà tò.

Ohun kan ṣì kù tí kò ṣeé rà: ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti kọ ọjà. Bí ó bá jẹ́ pé ó ní láti lọ wá ọ̀gá kó tó lè sọ pé “Ẹ gbé e padà,” yóò gbà á lọ́jọ́ tí ọ̀gá kò bá sí. Kí ọ̀gá sọ ọ́ ṣáájú, lójú gbogbo ènìyàn, pé ọ̀rọ̀ ẹni yìí ni abẹ gé.

Ìpele 1: Ẹ yẹ irinṣẹ́ wò kí mọ́tò tó dé

Tẹmómítà máa ń ṣìnà díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ fi yìnyín tí a fọ́ wẹ́wẹ́ kún ife ńlá kan dé ẹnu, kí ẹ wá bu omi tútù sí i títí tí omi á fi kún àárín yìnyín náà. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ ti ẹnu tẹmómítà bọ àárín rẹ̀ láìjẹ́ kó kan ara ife tàbí ìdí rẹ̀. 0°C ló yẹ kó kà. Bí ó bá fi ju dígírì kan lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ tún un ṣe bí ó bá ṣeé tún ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ má lò ó lónìí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n á ju yìnyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi. Yìnyín á léfòó, omi ìsàlẹ̀ á sì gbóná ju tòkè lọ. Tẹmómítà á ka 3 tàbí 4, wọ́n á sì rò pé ó ti bàjẹ́. Yìnyín ló gbọ́dọ̀ pọ̀ ju omi lọ, láti òkè dé ìdí ife.

Òṣùwọ̀n ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú, kó sì ka òdo nígbà tí nǹkan kan kò sí lórí rẹ̀. Ẹ wá irin kan tó wúwo, ẹ lọ fi ìwọ̀n tó péye wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sí i lára. Láràárọ̀, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n yín.

*Ẹ mọ̀ pé ó ti péye bí:* tẹmómítà bá ka òdo nínú yìnyín, tí òṣùwọ̀n sì ka iye tó wà lára irin náà, yálà ẹ gbé irin náà sí àárín rẹ̀ ni tàbí sí igun.

Ìpele 2: Ẹ wo inú mọ́tò kí ọjà tó bọ́ sílẹ̀

Ẹ lọ bá mọ́tò níbi tó dúró sí. Bí wọ́n bá ti kó ọjà sílẹ̀ tán kí ẹ tó jáde, ẹ ti pàdánù ẹ̀rí kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ṣé ó mọ́? Ṣé òórùn burúkú ń bọ̀ níbẹ̀? Ṣé omi ẹran ń kán láti orí páálí kan sórí òmíràn? Ṣé wọ́n kó ọṣẹ tàbí oògùn kòkòrò mọ́ oúnjẹ?

Dẹ́rẹ́bà lè na ọwọ́ sí ojú àwòkà tó wà lára mọ́tò, kó ní, “Ẹ wò ó, -20 ló wà.” Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Afẹ́fẹ́ inú mọ́tò ni àwòkà náà ń kà, kì í ka ara ọjà. Afẹ́fẹ́ lè tutù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n páálí ẹja tó ti gbóná nílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta kò lè dì padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà o: bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, àwòkà á yára gòkè, ọjà inú rẹ̀ á sì ṣì wà dáadáa. Ara ọjà ni kí ẹ bi.

Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà bí ẹ ṣe fẹ́ kó sọ ọjà kalẹ̀: èyí tó tutù tí kò dì ló kọ́kọ́, èyí tó dì ló tẹ̀ lé e, ọjà gbígbẹ ló kẹ́yìn. Irú kan ṣoṣo ni kó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kó wọlé, kí òmíràn tó bọ́ sílẹ̀.

*Ẹ mọ̀ pé ó ti dára bí:* kò bá sí ju irú ọjà kan lọ nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ sì lè sọ ibi tí páálí kọ̀ọ̀kan wà nínú mọ́tò.

Ìpele 3: Òtútù ara ọjà

Fún ẹran àti ẹja tó tutù tí kò dì, 5°C ni òkè tí mi ò ń kọjá. Ó bá ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé mu, àwọn tó sọ pé láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò àìsàn ti ń yára pọ̀ nínú oúnjẹ. Òfin ibòmíràn lè yàtọ̀ díẹ̀, ẹ sì wo ti ibi tí ẹ wà. Ẹja tútù tó wà nínú yìnyín gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo gan-an, láàárín 0 sí 2°C. Ohun tó dì gbọ́dọ̀ wà ní -18°C tàbí kó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fàyè gba kí ó fi dígírì mẹ́ta gòkè fún ìgbà díẹ̀ lójú ọ̀nà, ìyẹn -15°C. Èmi náà ń gba -15 bí ìrísí ọjà bá dára, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ti kọjá -12, mi ò kì í gbà á.

Ẹ má gún ọ̀rá ọjà ní gúngún àkọ́kọ́. Ẹ fi òwú onísípíríìtì nu irin tẹmómítà, ẹ mú ọ̀rá méjì tó wà lórí ara wọn, kí ẹ ti irin náà bọ àárín wọn, kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n pọ̀ kí wọ́n gbá irin náà mọ́ra. Ẹ dúró títí tí nọ́ńbà kò fi ní yí padà mọ́.

Ìkánjú ló ń ba ìpele yìí jẹ́. Irin tẹmómítà gbóná bí ọwọ́ yín nígbà tí ẹ fi bọ̀ ọ́. Láàárín ohun tó dì, ó máa ń gba àkókò kí ooru tó kúrò lára rẹ̀. Ẹlòmíràn á rí -6, á sì kọ ọjà tó dára. Ẹlòmíràn á rí i pé ó ń lọ sísàlẹ̀, á ní “ó ń tutù lọ, ó dáa,” á sì gba èyí tó máa dúró ní -9. Ẹ fi irin náà sáàárín ọ̀rá kan kó kọ́kọ́ tutù níbẹ̀, kí ẹ wá gbé e lọ sí èyí tí ẹ fẹ́ kà ní tòótọ́.

Ẹ ka ó kéré tán ibi mẹ́ta: páálí kan tó wà nítòsí ilẹ̀kùn mọ́tò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín. Etí ilẹ̀kùn ló ń kọ́kọ́ gbóná, nítorí náà bí dẹ́rẹ́bà bá fúnra rẹ̀ na páálí kan sí yín láti inú lọ́hùn-ún, ẹ gbà á, kí ẹ sì mú ti ẹ̀bá ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Tẹmómítà tí wọ́n ṣe bí ìbọn dára láti fi wá páálí tó yẹ ká fura sí, nítorí ó yá. Ojú ọjà nìkan ló ń kà, ohun tó bá sì ń dán lójú, bí ọ̀rá àti bébà onífàdákà, máa ń ṣì í lọ́nà. Mi ò fi í kọ ọjà, mi ò sì fi í gba ọjà. Bó bá fi nǹkan hàn mí, mo máa fi irin wò ó.

Bí àárín ọ̀rá bá ka 6 tàbí 7 lára ẹran tútù, ẹ̀yin àti dẹ́rẹ́bà lè jiyàn lórí rẹ̀, nítorí ìta ọ̀rá lè gbóná ju inú lọ díẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ya ọ̀rá kan lójú rẹ̀, kí ẹ nu irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ ti ẹnu rẹ̀ dé àárín ibi tí ẹran ti nípọn jù. Ohun tó bá kà níbẹ̀ ni ìdájọ́.

*Ẹ mọ̀ pé ó ti pé bí:* nọ́ńbà mẹ́ta bá wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ fún irú ọjà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú agogo tí ẹ kà á, tí dẹ́rẹ́bà sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ìpele 4: Ìrísí, òórùn, ìfọwọ́kàn

Tẹmómítà ń sọ bí ọjà ṣe rí nísinsìnyí. Kò lè sọ bí ó ṣe rí lánàá. Ẹja tó yọ́ lálẹ́ àná tí wọ́n tún mú dì láàárọ̀ yìí lè ka -18 geere. Ojú, imú àti ọwọ́ yín ló máa tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ gbé ọ̀rá edé dídì kan sókè, kí ẹ mì ín létí yín. Bí kò bá yọ́ rí, á dún wọ̀ràwọ̀rà bí òkúta wẹ́wẹ́, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá wà lọ́tọ̀. Bí ó bá ti yọ́ rí, á lẹ̀ mọ́ra di odidi kan, ìhà kan rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tó sùn lé, yìnyín tó nípọn á sì dì sí igun kan níbi tí omi ṣàn lọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Omi tó ti ara edé jáde tó tún dì máa ń ní àwọ̀, ó lè pọ́n díẹ̀ tàbí kó dà bí eérú, nígbà tí yìnyín tí wọ́n fi bo edé láti ilé iṣẹ́ máa ń mọ́ gaara, ó sì fẹ́lẹ́. Yìnyín wẹ́wẹ́ díẹ̀ inú ọ̀rá kò jẹ́ nǹkan. Yìnyín ńlá ńlá tó ní igun ni kó kọ yín lóminú.

Páálí náà ń sọ̀rọ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá ti rọ̀ tó sì wó, tàbí tí àbàwọ́n omi bá ti gbẹ sára rẹ̀ bí àwòrán òkun, omi ti gbabẹ̀ kọjá. Ẹ tú u, ẹ má fi ojú òde dá a lẹ́jọ́. Bí ẹ bá rí ojú funfun tó gbẹ lára ẹja tàbí ẹran dídì, òtútù ló fa omi ara rẹ̀ gbẹ níbi tí ọ̀rá ti ya. Kò pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ á le bí ìtì igi lẹ́yìn tí ẹ bá sè é tán. Díẹ̀ ṣeé gé kúrò. Bí ó bá pọ̀, ẹ kọ̀ ọ́.

Lára adìẹ tútù, ẹ na ìyẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbóòórùn abẹ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ rùn. Ẹ fi ìka fà á lójú ara: bí ó bá ń yọ̀ tó sì ń fà bí ilá, kò dára mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹmómítà ka 3.

Ẹja tútù tó dára máa ń ní ojú tó yọ síta tó sì ń dán, abẹ́ ìjàgbọ̀n rẹ̀ á pupa, òórùn rẹ̀ á dà bí omi tó mọ́. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: ibi tí ẹ tẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sípò. Àwọn ẹja kan wà tí èyí kò tó fún, bíi túnà, makẹ́rẹ́ẹ̀lì àti sàdíìnì. Bí wọ́n bá gbóná pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kú, kòkòrò inú wọn máa ń ṣe májèlé kan tí wọ́n ń pè ní hísítámíìnì. Ẹja náà lè má rùn, kó má sì yí àwọ̀ padà. Síse kò pa á, dídín kò pa á, mímú un dì kò pa á. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè pupa lójú kó sì máa yún láàárín ìgbà díẹ̀. Fún àwọn ẹja wọ̀nyí, bí òtútù bá ti yẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ojú tó ń dán tàn yín jẹ.

Ní gbogbo ọ̀rá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ wò ó bóyá ó ṣì lẹ̀ mọ́ ẹran típẹ́. Èyí tó bá ti wú, ẹ má gbà á. Kí ẹ sì ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, nítorí ti òkè páálí lè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀.

*Ẹ mọ̀ pé ó ti pé bí:* ẹ bá ti tú ó kéré tán páálí kan nínú irú ọjà kọ̀ọ̀kan dé ìsàlẹ̀, tí àwòrán gbogbo ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn sì ti wà nínú fóònù, pẹ̀lú àmì ara páálí náà.

Ìpele 5: Ìwúwo

Ẹ jẹ́ kí n mú ọjà kan ní àpẹẹrẹ, ká jọ wọ̀n ọ́n. A béèrè kílò 60 adìẹ tútù, ó dé nínú kéréètì mẹ́fà. A béèrè ọ̀rá edé dídì 20, kílò kan kan. A tún béèrè páálí ẹja kan tí wọ́n ti la, kílò 10. Kílò 90 ni gbogbo rẹ̀ lórí ìwé owó.

Adìẹ ni a bẹ̀rẹ̀ sí. A gbé kéréètì kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ká tó gbé e, a ti da omi ìdí rẹ̀ nù. Kéréètì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ kílò 68.1. A kó adìẹ kúrò nínú ọ̀kan, a wọn kéréètì òfìfo: kílò 1.9. Mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 11.4. Adìẹ gan-an jẹ́ 56.7. Kílò 3.3 ló dín.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ń fa ìjà. Ẹran tútù máa ń sun omi díẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá a dúró, ẹni tó ń tà á sì lè sọ pé òun wọ̀n ọ́n pẹ̀lú omi rẹ̀. Kí ẹ ti jọ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣàdéhùn, kó sì wà nínú ìwé, pé ìwúwo lẹ́yìn tí omi bá ti ro kúrò ni ẹ ó san owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá sọ ọ́ ṣáájú kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó kan edé. Ilé iṣẹ́ máa ń fi omi bo edé kí wọ́n tó mú un dì, kí òtútù má bàa gbẹ ẹ́. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n kílò tí wọ́n kọ sára ọ̀rá gbọ́dọ̀ jẹ́ ti edé láìka yìnyín náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Kódẹ́ẹ̀sì ṣe là á sílẹ̀. Bí ẹ bá kàn gbé ọ̀rá sórí òṣùwọ̀n, ẹ máa rí kílò kan, ọkàn yín á balẹ̀, ẹ ó sì san owó edé lórí omi.

Ẹ mú ọ̀rá mẹ́ta láti ibi tó yàtọ̀ síra. Ẹ tú ọ̀kan sínú asẹ́, kí ẹ jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn lé e lórí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí i. Ní kété tí ẹ ò bá rí yìnyín lójú edé mọ́, tí ọwọ́ kò sì gbá a mọ́, ẹ ti omi. Inú edé gbọ́dọ̀ ṣì le. Ẹ dá asẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìṣẹ́jú méjì kí omi ro, kí ẹ wá wọn edé nìkan. Omi gbígbóná àti fífi sínú omi títí tó fi yọ́ ló ń ba èyí jẹ́, nítorí edé tó bá yọ́ á sun omi ara rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á sì dín lọ́nà tí kò tọ́ sí ẹni tó tà á.

Tiwa ka gíráàmù 840, 850 àti 830. Tí a bá pín in dọ́gba, 840 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù 160 ló dín lára ọ̀rá kan, ìyẹn kílò 3.2 nínú ọ̀rá 20. Edé gan-an tó wọlé jẹ́ kílò 16.8. Ọ̀rá mẹ́ta tí a fi omi sí náà, ọjọ́ yẹn la sè é. Kì í padà sínú fìríìsà.

Páálí ẹja kò tilẹ̀ dé orí òṣùwọ̀n. Ó ti ka -9 láti ìpele kẹta, ìdí páálí ti wó, ẹja sì ti lẹ̀ mọ́ra. Ó padà sínú mọ́tò.

*Ẹ mọ̀ pé ó ti pé bí:* ìwúwo tó wà lọ́wọ́ yín bá jẹ́ ti ohun jíjẹ nìkan, tí kéréètì, omi, yìnyín àti páálí ti kúrò nínú rẹ̀.

Ìpele 6: Ìwé mẹ́ta lórí tábìlì kan

Ẹ tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ìwé tí ẹ fi béèrè ọjà, ìwé tó bá ọjà wá, àti ìwé owó, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ínfọ́ìsì. Ní ibòmíràn ìwé tó bá ọjà wá àti ìwé owó jẹ́ ọ̀kan náà. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bára mu nínú ohun mẹ́ta: ohun tó jẹ́, iye rẹ̀, àti owó orí ẹyọ kan.

Nínú gbogbo rẹ̀, owó orí ẹyọ kan ni ojú máa ń fò. Ẹ ṣàdéhùn lórí kílò, ìwé owó á kọ ọ́ lórí ọ̀rá. Tí ọ̀rá kò bá pé kílò, iye tó wà lápapọ̀ á jọ èyí tó tọ̀nà, síbẹ̀ ẹ ti san ju bó ṣe yẹ lọ. Èkejì ni ìrọ́pò: edé tó jẹ́ 20 sí 30 nínú kílò kan lẹ béèrè, wọ́n kó èyí tó jẹ́ 40 sí 60 wá ní owó ti ńlá. Ẹ ka ti ọ̀rá kan tí ẹ ti tú.

Ohun tí ẹ bá rí pé kò bára mu, orí ìwé náà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe sínú ìwé tiyín nìkan. Ẹ fa ìlà kan la iye àtijọ́ kọjá kó ṣì ṣeé kà, kí ẹ kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe kọ tiwa nìyí:

“Adìẹ: 60 lórí ìwé, 56.7 la gbà lẹ́yìn tí omi ro. Edé: ọ̀rá 20, mẹ́ta la yẹ̀ wò, 840 gíráàmù láìka yìnyín, 16.8 la gbà. Ẹja: a kọ̀ ọ́, -9°C, ó ti yọ́ rí. Àpapọ̀ tí a gbà: 73.5 nínú 90.”

Kílò 16.5 ló kúrò nínú owó tí à bá san. Ẹ kọ ọ́ sórí ẹ̀dà tiyín àti ẹ̀dà ti dẹ́rẹ́bà, ọ̀rọ̀ kan náà. Kí dẹ́rẹ́bà fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ náà lórí méjèèjì, kí ẹ tó fọwọ́ sí tiyín nísàlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ yín, ọjọ́ àti agogo. Bí dẹ́rẹ́bà bá ní òun ò ní àṣẹ láti fọwọ́ sí i, ẹ má bá a jà, òṣìṣẹ́ ni òun náà. Ẹ ní kó pe ẹni tó rán an, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni náà àti agogo sórí ìwé.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nípa ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tí èmi náà ti gbà rí. Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ pọ̀, mo kọ “A kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò” sórí ìwé, mo fọwọ́ sí i, mo sì rò pé mo ti dáàbò bo ara mi. Ọjọ́ kejì ni mo tú ẹran náà, ó ti ń rùn. Ẹni tó tà á fi ẹ̀yìn ìwé hàn mí: wákàtí 24 ni wọ́n fi ń gba ẹ̀sùn ọjà tútù, mo sì ti kọjá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè fi hàn pé nínú mọ́tò wọn ló ti bàjẹ́, kì í ṣe nínú fíríìjì mi. Ẹ ka ẹ̀yìn ìwé yín lónìí. Bí àyè kò bá sí rárá láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, òtútù nìkan ni kí ẹ kà kí dẹ́rẹ́bà tó lọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé, nítorí òun nìkan ni kò ṣeé padà wá wò. Bí ẹ bá sì lè yí àsìkò tí ọjà ń dé padà kúrò nígbà tí oníbàárà ń wọlé, ẹ yí i.

*Ẹ mọ̀ pé ó ti pé bí:* ẹni tí kò sí níbẹ̀ bá lè ka ẹ̀dà yín kó sì mọ ohun tó wọlé, ohun tó padà àti ìdí rẹ̀, láìbi yín ní ìbéèrè kan.

Ìpele 7: Kí ọjọ́ tó ṣú

Ọjà ti wọlé sí ààyè rẹ̀, tuntun lẹ́yìn, ti tẹ́lẹ̀ níwájú, pẹ̀lú ọjọ́ tó dé lára rẹ̀. Ẹ fi àwòrán ìwé àti ti páálí ránṣẹ́ sí ẹni tó ta ọjà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì béèrè ìwé ìdápadà owó. Ìwé owó tuntun tí kò mẹ́nu kan ti àkọ́kọ́ kò tó, nítorí méjèèjì lè jọ wọ inú àkọsílẹ̀ kí wọ́n sì san án lẹ́ẹ̀méjì. Ẹ fi ìwé owó náà sínú fáìlì tó yàtọ̀, kó má dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sanwó títí tí ìwé ìdápadà náà fi máa dé. Nígbà tó bá dé, ẹ fi í wé ohun tí ẹ kọ: ní tiwa, kílò 3.3 adìẹ, kílò 3.2 edé, kílò 10 ẹja. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dé, ti adìẹ àti ẹja nìkan ló wà níbẹ̀. A dá a padà, ti edé sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kẹta.